Dátà 5GB lóṣù, àyè 2GB lórí fóònù: kí la lè gbà sílẹ̀ níbẹ̀?

Aláṣọ Òkè-Fíà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa fóònù. 5GB ni mò ń rà lóṣù, kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi ń tán. Fóònù 32GB ni mò ń lò, ó ní 2GB ló kù. Pódíkáàsì ìròyìn kan wà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni, mo máa ń gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti Ajé dé Àbámẹ́ta. Mo tún máa ń gba ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi sílẹ̀, wákàtí kan ààbọ̀, pẹ̀lú orin bí àádọ́ta. Kí ló ń jẹ dátà mi, kí ló sì ń jẹ àyè?

---

Kò-sí-ìdààmú

Àǹtí, orin àti pódíkáàsì yẹn ló wúwo jù. Ẹ wá áàpù tó ń yí fáìlì padà, ẹ sọ gbogbo wọn di opus, irú fáìlì ohùn tó máa ń kéré, ní 32 kbps. Dátà oṣù kan á di ti oṣù mẹ́ta. Ó parí.

---

Atúnfóònùṣe Ìgbọ̀nà

Kò parí o, àbúrò. Kí fáìlì tó dé orí fóònù tẹ́ ẹ máa yí padà, dátà rẹ̀ ti lọ. Bí ẹ bá gba 86MB wọlé tẹ́ ẹ wá fún un pọ̀ kó di 20MB, àyè 66MB lẹ jèrè, ẹ ò jèrè kọ́bọ̀ kan lórí dátà. Ohun méjì ni àǹtí béèrè, dátà àti àyè, oògùn ọ̀kan kì í ṣe oògùn èkejì. Mo ti rí i léraléra kí èèyàn máa fún fáìlì pọ̀ láti alẹ́ dòwúrọ̀, kí bátìrì kú, kí dátà ṣì tán lọ́jọ́ tó ti ń tán tẹ́lẹ̀.

Àǹtí, ẹ dá mi lóhùn lórí ìwàásù yẹn. Ṣé ohùn lásán ni àbí fídíò? Bó bá jẹ́ fídíò, 720p ni àbí 360p? Ṣé ẹ sì máa ń wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kẹ́ ẹ tó gbà á sílẹ̀?

---

Ìyá Ìbejì

Èmi mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp ni. Ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àwọn òbí, ẹgbẹ́ ìdílé, gbogbo wọn ló ń da fídíò sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń wọlé fúnra wọn. Tèmi, mo kàn kúrò nínú ẹgbẹ́ méjì ni. Ẹ jẹ́ kí àǹtí náà kúrò nínú ẹgbẹ́.

---

Atúnfóònùṣe Ìgbọ̀nà

Màmá, ìyẹn kọ́ ni wọ́n béèrè, àmọ́ ọ̀rọ̀ yín wúlò fún apá kejì. Kò dìgbà tí èèyàn bá bá ẹbí jà. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Settings, Storage and data, ẹ wá Media auto-download. Lábẹ́ mobile data, ẹ yọ àmì kúrò lára video, audio àti documents. Fídíò ò ní wọlé mọ́ àyàfi bí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Èyí tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ wà lábẹ́ Manage storage níbẹ̀ kan náà, ó máa to àwọn tó tóbi jù síwájú fún yín.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò: fídíò tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lè ní ẹ̀dà tiẹ̀ nínú fódà tí wọ́n ń pè ní Sent. Èyí tẹ́ ẹ fúnra yín yà wà nínú gálárì, òmíràn tún wà nínú Sent.

---

Aláṣọ Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun sà. Fídíò ni ìwàásù náà, 720p ni mo máa ń yàn torí ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Mo máa ń wò ó láàárọ̀ Ajé, bó bá dùn mọ́ mi, màá wá gbà á sílẹ̀ kí n lè tún gbọ́ ọ nídìí iṣẹ́. Pódíkáàsì ìròyìn yẹn, mi ò mọ bó ṣe ń wọlé, mo kàn máa ń bá a níbẹ̀ ni. Àwọn mìíràn tí mi ò gbọ́ rí náà wà níbẹ̀.

---

Atúnfóònùṣe Ìgbọ̀nà

Ibẹ̀ gan-an ni omi ti ń jò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó.

Ohùn rọrùn láti ṣírò. Ẹ wo iye kbps fáìlì, ìyẹn bí ohùn rẹ̀ ṣe wúwo tó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi ìṣẹ́jú sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ pín in sí 133, MB tó jáde nìyẹn. Pódíkáàsì púpọ̀ máa ń wà ní 128 kbps: 128 nígbà 30 jẹ́ 3,840, ẹ pín in sí 133, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 29MB. Ajé dé Àbámẹ́ta fún oṣù kan jẹ́ bí apá 26, ìyẹn bí 750MB. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin ní 160 kbps jẹ́ bí 5MB, àádọ́ta orin jẹ́ 240MB, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sì máa gbà wọ́n. Orin àti ìròyìn pa pọ̀ ò tíì tó 1GB. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú Kò-sí-ìdààmú pé ibẹ̀ ni ìṣòro wà.

Fídíò ò ní iye kan pàtó torí bí àwòrán bá ṣe ń yí padà tó ni fáìlì ń tóbi tó. Àmọ́ ìwàásù wákàtí kan ààbọ̀ ní 720p, ẹ fojú bù ú sí 1GB. Ẹ wò ó láàárọ̀ Ajé, 1GB lọ. Ẹ wá gbà á sílẹ̀, 1GB mìíràn lọ, nítorí ohun tẹ́ ẹ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dúró de dáńlóòdù, áàpù á tún gbà á látìbẹ̀rẹ̀. Ìwàásù kan ṣoṣo ti jẹ 2GB. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi ìròyìn ọ̀sẹ̀ méjì kún un, ẹ fi àwọn apá tẹ́ ẹ ò gbọ́ rí kún un, ṣé 5GB ò ní tán?

Torí náà, nǹkan kan péré ni mo máa kọ́kọ́ yí padà: ẹ gbà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé etí lẹ fẹ́ fi gbọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ, ẹ wádìí bóyá ìjọ yẹn ń gbé ohùn ìwàásù jáde gẹ́gẹ́ bí pódíkáàsì tàbí lórí Telegram. Ohùn wákàtí kan ààbọ̀ ní 128 kbps jẹ́ 86MB. Ní 64 kbps, 43MB ni, ohùn ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ ò sì ní bàjẹ́ létí yín.

---

Kò-sí-ìdààmú

Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí wọn ò lè fi fídíò náà sílẹ̀ ní 144p? Ìyẹn kéré gan-an.

---

Atúnfóònùṣe Ìgbọ̀nà

Wọ́n lè ṣe é bí wọ́n bá fẹ́ wo ojú oníwàásù. Àwòrán ni 144p ń gé, ohùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Tí wọn ò bá ní wò ó, kí ni wọ́n ń rà á fún? 360p ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ẹni tó fẹ́ wò ó lórí fóònù: Bíbélì tí wọ́n bá kọ sójú ògiri ṣì ṣeé kà. Ní 144p, ẹ ò ní rí lẹ́tà kankan kà.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN

Lórí pódíkáàsì tó ń wọlé fúnra rẹ̀: áàpù wo ni wọ́n ń lò? Bó bá jẹ́ AntennaPod, bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan ti tan Automatic download fún wọn. Kí wọ́n pa á. Nínú Settings rẹ̀ náà, ibì kan wà tí wọ́n kọ Mobile updates sí. Kí wọ́n jẹ́ kí refresh nìkan wà lórí dátà. Refresh ń mú àkọlé apá tuntun wá, kò wúwo. Kí wọ́n wá máa fọwọ́ gba èyí tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Kí wọ́n sì tan ibi tó ń pa apá rẹ́, kí apá tí wọ́n bá gbọ́ tán lọ fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí fáìlì ṣe tóbi tó kó tó náwó lé e lórí lè béèrè lọ́wọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí fáìlì náà wà. Mo ń lo Termux, áàpù tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, lórí fóònù:

```
curl -sIL "adiresi-faili" | grep -i content-length
```

Bó bá mú ìlà méjì tàbí mẹ́ta jáde, èyí tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ mú, torí adirẹ́sì pódíkáàsì sábà máa ń darí èèyàn síbòmíràn kó tó dé ibi fáìlì gan-an. Bó bá kọ 28800000, bí 29MB nìyẹn. Dátà tí àṣẹ yìí ń jẹ ò tó nǹkan.

---

Ìyá Ìbejì

Ọmọ mi, aláṣọ lò ń bá sọ̀rọ̀ o.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN

Ẹ má bínú mà. Ẹni tí ò bá fẹ́ ìyẹn, Telegram máa ń kọ iye MB sára fáìlì kí èèyàn tó fọwọ́ kàn án, ọ̀pọ̀ áàpù pódíkáàsì náà máa ń kọ ọ́ sójú ìwé apá kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ohun kan wà tó ń jẹ dátà tẹ́nikẹ́ni ò tíì mẹ́nu kàn: kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já láàárín. Ẹ̀ ń gba fáìlì 86MB nínú ọkọ̀ láti Òṣogbo lọ sí Ìkìrun, ó dé 60MB, ó já. Bí sáfà bá gbà, ẹ ó tẹ Resume, 26MB tó kù ló máa gbà. Bí kò bá gbà, á padà sí òdo, 60MB yẹn á ti sọ nù. Ẹni tó bá ń lo Termux lè fi èyí tẹ̀síwájú níbi tó dúró:

```
curl -L -C - -o iwaasu.mp3 "adiresi-faili"
```

Bí sáfà ò bá gbà, ó máa sọ pé `HTTP server doesn't seem to support byte ranges. Cannot resume.` Bẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ má gba fáìlì yẹn nínú ọkọ̀ mọ́. Ẹ dé ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró dáadáa kẹ́ ẹ tó tún un bẹ̀rẹ̀.

---

Kò-sí-ìdààmú

Dátà òru ni ìdáhùn gbogbo èyí. Ó pọ̀, kò wọ́n. Ẹ ra dátà òru, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wọlé nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn. Ẹ wá gba fídíò yín ní 1080p, kí ló kàn wá?

---

Atúnfóònùṣe Ìgbọ̀nà

Lórí èyí, o gba ìdajì. Dátà òru dára, àmọ́ aago ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ dáadáa, wákàtí tó bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tó parí wà nínú ẹ̀. Bí dáńlóòdù bá ṣì ń lọ nígbà tí wákàtí yẹn bá pé, kò sẹ́ni tó máa dá a dúró fún yín. Lórí ọ̀pọ̀ láìnì, dátà ọ̀sán yín ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ láìsọ fún yín. Fídíò 1080p tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kì í dúró de ẹni tó sùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni bátìrì. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn nígbà tí ojú fóònù bá ti ṣú, pàápàá bí Battery saver bá wà lórí. Ẹ máa jí, ẹ ó bá fáìlì ní 14%. Ẹni tó bá fẹ́ lo dátà òru, kó yọ áàpù yẹn kúrò lábẹ́ ìdènà bátìrì, kó fi fóònù sídìí iná bí iná bá wà, kó sì to àwọn fáìlì kékeré síwájú èyí tó tóbi.

Àyè 2GB ni àǹtí sì ní. Níbo ni 1080p fẹ́ dúró sí?

---

Kò-sí-ìdààmú

Kí wọ́n ra mẹ́mórì. Mi ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ dátà òru mi o. Èmi máa ń fi álààmù jí nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, màá pa dátà, màá padà sùn.

---

Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọdé wọ̀nyí. Èmi ò lo fóònù gbọ́ nǹkan, rédíò kékeré tó ń gba mẹ́mórì ni mò ń lò. Ọmọ mi fi ìwàásù àti fújì kún káàdì 64GB tuntun kan fún mi, rédíò ò rí i rárá. Ó tún fi sórí káàdì kékeré, ó rí i, àmọ́ ìdajì orin ni kò kọ. Èyí tó ń kọ náà ò tẹ̀ lé ara wọn, apá kejì ìwàásù ló ń kọ́kọ́ wá. Ṣé rédíò ló bàjẹ́ ni?

---

Atúnfóònùṣe Ìgbọ̀nà

Bàbá, ẹ kúuṣẹ́ sà. Rédíò ò bàjẹ́. Nǹkan mẹ́ta ló ṣẹlẹ̀ sí yín, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Káàdì tó bá ju 32GB lọ, exFAT ni wọ́n sábà máa ń fọ́máàtì rẹ̀ sí láti ilé iṣẹ́. Rédíò kékeré, FAT32 nìkan ló mọ̀. Kọ̀ǹpútà Windows náà kì í fi FAT32 síbẹ̀ fún èèyàn láti yàn bí káàdì bá ti ju 32GB lọ, ìdí nìyẹn tí fífọ́máàtì lẹ́ẹ̀kan sí i ò fi yanjú ẹ̀. Ẹ ra 16GB tàbí 32GB, kò ní fún yín ní wàhálà.

Ìdajì tí kò kọ, m4a tàbí opus ni. MP3 ni ọ̀pọ̀ rédíò yẹn mọ̀. Ìdí mìíràn nìyí tí opus Kò-sí-ìdààmú fi máa ń dá ìjà sílẹ̀: fóònù á kọ ọ́, rédíò bàbá ò ní kọ ọ́. Kí ọmọ yín yí wọn sí MP3 lórí kọ̀ǹpútà. Fún ìwàásù, kó lo ohùn ẹyọ kan dípò méjì, 64 kbps:

```
ffmpeg -i iwaasu.m4a -vn -ac 1 -c:a libmp3lame -b:a 64k iwaasu.mp3
```

Níbí ni fífún fáìlì ti wúlò, torí àyè káàdì la ń wá, dátà ti lọ tẹ́lẹ̀. Wákàtí kan á jẹ́ bí 29MB. Àmọ́ kó má ṣe bẹ́ẹ̀ fún fújì o. Ìlù á dà bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ bò lórí. Kó fi orin sílẹ̀ ní 128 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì má sọ 128 di 320, fáìlì ló máa tóbi, ohùn tó ti sọnù ò ní padà wá.

Ní ti ètò wọn, ọ̀pọ̀ rédíò kékeré kì í wo orúkọ fáìlì. Bí wọ́n ṣe dé orí káàdì ló fi ń kọ wọ́n. Kọ̀ǹpútà sì lè da púpọ̀ sórí káàdì láìtẹ̀lé ètò orúkọ. Kí ó nu fódà náà kúrò, kó wá gbé wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, apá kìíní, apá kejì. Áàpù tó ń tò ó wà lórí kọ̀ǹpútà Linux, fatsort lorúkọ rẹ̀, àmọ́ bí fáìlì ò bá ju ogún lọ, ọwọ́ yá jù ú lọ.

---

Àgbà Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

O ṣé, ọmọ mi. Màá fi hàn án. 64GB ńkọ́, ṣé kí n dá a padà?

---

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN

Bàbá, ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tiẹ̀ jẹ́ 64GB. Káàdì ayédèrú máa ń purọ́ fún fóònù. Wọ́n kọ 64GB sí i lára, 8GB ló wà nínú. Bí ẹ bá kún un, orúkọ gbogbo fáìlì á hàn, àwọn tó kọ́kọ́ wọlé á kọ, àwọn tó kẹ́yìn á dákẹ́ tàbí kí fóònù sọ pé òun ò lè ṣí i. Lórí Windows, H2testw ló ń kún un tó sì ń kà á padà. Lórí Linux, f3write àti f3read ni. Ó ń pẹ́, kẹ́ ẹ má dúró tì í. Ẹ ṣe é kí ọjọ́ tí ọlọ́jà lè gbà á padà tó kọjá.

---

Aláṣọ Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti pa gbígbà fúnra rẹ̀ yẹn, apá ogójì ni mo bá níbẹ̀ tí mi ò gbọ́ rí. Mo pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, àyè sì lọ sókè. Mo wá lọ sínú Files, mo pa àwọn fídíò ìwàásù àtijọ́ rẹ́ níbẹ̀ náà. Wọ́n ti lọ, àmọ́ fóònù ò fún mi láyè kankan lórí ìyẹn. Kí ló dé?

---

Atúnfóònùṣe Ìgbọ̀nà

Inú Trash ni wọ́n wà. Files by Google kì í nu nǹkan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, 30 ọjọ́ ló máa fi tọ́jú wọn. Ẹ ṣí mẹ́nù rẹ̀, ẹ wọ Trash, ẹ yan gbogbo wọn, ẹ tẹ Delete. Àyè á sì hàn lójú ẹsẹ̀. Gálárì àwọn fóònù kan ní Trash tirẹ̀, ẹ wo ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń wá àyè lọ́nà mìíràn, ẹ má tẹ Clear storage fún áàpù orin o. Clear cache ò ní fọwọ́ kan ohun tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ inú áàpù náà lẹ gbà wọ́n sí, Clear storage máa gbé gbogbo àádọ́ta orin yẹn lọ, ẹ ó sì tún fi dátà rà wọ́n.

---

Kò-sí-ìdààmú

Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ sórí mẹ́mórì káàdì, kí wọ́n sinmi.

---

Akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀. MP3 lásán àti pódíkáàsì, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ohun tí Spotify tàbí YouTube bá gbà sílẹ̀ wà ní títì, áàpù yẹn nìkan ló lè ṣí i. Ẹ gbé e lọ sórí rédíò bàbá, kò ní dún. Bí ẹ ò bá tan dátà fún un ju 30 ọjọ́ lọ, Spotify máa yọ orin yẹn kúrò lọ́wọ́ yín. Bí káàdì bá sì lọ́ra, orin á máa gé.

Bí pódíkáàsì bá wà nínú fódà áàpù lórí káàdì, ẹ rántí pé bí ẹ bá yọ áàpù náà kúrò, Android á pa fódà yẹn rẹ́ pẹ̀lú ẹ̀.

---

Ìyá Ìbejì

Ta ló ń lo Spotify ní Òkè-Fíà? Kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà kún mẹ́mórì, àádọ́ta orin ò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dátà òdo.

---

Atúnfóònùṣe Ìgbọ̀nà

Ó dín dátà lóòótọ́, màmá. Àmọ́ olórin ò rí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà yẹn sì ti gba fláàṣì gbogbo ìgboro, àwọn fáìlì kan tó ń fara wé orin lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Bó bá parí ní .apk tàbí .exe, kẹ́ ẹ pa á rẹ́ láìṣí i. Ìjà èyí tó tọ́ nínú ọ̀rọ̀ olórin, mi ò ní parí ẹ̀ níbí lónìí.

---

Aláṣọ Òkè-Fíà

Mo ti rí Trash. 3.1GB ló wà nínú ẹ̀.